Ilé Ta Ni Wọn Yóò Ti Sọmọ Lórúkọ?

Nílé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí wọn yóò ti kó ọmọ jáde: agbo ilé bàbá rẹ̀ ni. Ní Libreville, nílẹ̀ Gàbóòn, agbo ilé jìnnà. Yàrá méjì ni bàbá ọmọ háyà ní Nkembo, àgbàlá tí òun àti àwọn ayálégbé mìíràn jọ ń lò kò sì gba ju àga ogún lọ. Ẹlòmíràn ní láti yọ̀ǹda ilé, ẹni tó bá sì yọ̀ǹda ilé ni ayé yóò máa wò bí olórí ẹbí nílẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wọlé.

Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà Mont-Bouët, kọ ọ́ sínú gúrúùpù Wásáàpù ẹbí pé ilé òun ní Akébé ni ìkómọ yóò ti wáyé, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn ọlọ́jà lè ráyè wá. Àǹtí ìyàwó, tó ń gbé Owendo, fèsì pé òun lòun mú ọmọbìnrin náà wá láti Kétu, òun lòun tọ́ ọ, ṣé òun wá di àlejò ni? Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti hú ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú ọdún kan jáde. Ọ̀dọ́ kan rò pé òun ń ṣàtúnṣe, ó ní kí wọ́n dìbò nínú gúrúùpù. Ìbò yẹn ló ba nǹkan jẹ́ jù. Wásáàpù máa ń fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn, àwọn ará ilé ọkọ sì pọ̀ ju ará ilé ìyàwó lọ nínú gúrúùpù. Àǹtí wo orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde.

Ìyá bàbá ọmọ, tó wà ní Ṣakí, ló pa iná náà. Alábòójútó gúrúùpù fẹ́ tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan kan mọ́ àfi òun. Ìyá kọ̀, torí ta ni yóò ti ẹnu àgbà pa kó má bínú? Gbólóhùn kan ló ní kí wọ́n kọ: “Ìyá ní kí gbogbo wa sinmi títí di alẹ́ ọ̀la, òun yóò pe olúkúlùkù.”

Bàbá àti ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ pè, àwọn tí kò tíì sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n, ó wá pe àǹtí, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe ilé ló ń dun àǹtí. Àwòrán ọmọ inú gúrúùpù ló fi mọ̀ pé ìyàwó ti bímọ. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bàbá ọmọ fóònù, ó bẹ̀ ẹ́.

Ìyá wá ya ohun tí wọ́n dì pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ tirẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí a bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Àríyá ló lè dúró di Àbámẹ́ta. Orúkọ kò nílò gbọ̀ngàn. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, atare àti ènìyàn mẹ́wàá ti tó, yàrá Nkembo sì gbà wọ́n. Ẹnu tó máa pe orúkọ ńkọ́? Ti bàbá àgbà ní Ṣakí ni. Aago Libreville àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀, nítorí náà aago méje àárọ̀ níbí ni aago méje lọ́hùn-ún, wọn yóò sì máa rí ojú ara wọn lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ni yóò gbé ọmọ dání dípò bàbá àgbà. Àǹtí ni yóò kọ́kọ́ sọ owó sínú abọ́ omi fún ilé ìyá, tí yóò sì sọ ọmọ lórúkọ tirẹ̀.

Akébé ni àríyá yóò ti wáyé, ṣùgbọ́n àǹtí ló ni ìdáná: òun ló máa pín ẹran, òun ló máa sọ iye ìkòkò. Ọ̀rọ̀ owó kò gba àríyànjiyàn. Kìkì pé kí àwọn ará Kétu rántí pé sẹ́fà ti Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe ti Gàbóòn, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba. Kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ dípò kí wọ́n di bébà lé aláboyún tàbí arìnrìn-àjò lọ́wọ́, ọlọ́jà Mont-Bouët kò ní gbà á.

Ìgbà tí gbogbo wọn ti gbà lórí fóònù ni ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù: “Ìsọmọlórúkọ, Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀, Nkembo. Àríyá, Àbámẹ́ta, aago méjìlá ọ̀sán, Akébé. Bàbá ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, Àǹtí ló ni ìdáná. Ẹ kú oríire.” Kò sọ ẹni tó jàre. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló pe àǹtí kí alábòójútó tó dá a padà sínú gúrúùpù.

Ó ku ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó lè já láàárín ìwúre. Kí bàbá àgbà fi orúkọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ní kíkọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, torí bí ẹ̀gbọ́n bá ṣe kà á jáde ni wọn yóò ṣe máa pe ọmọ náà.