Ẹ Béèrè Owó Ìjáde Kí Ẹ Tó Kó Ẹrù Wọlé

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n kìlọ̀ fún àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe ní Ajégúnlẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ló bá mi kó fọ́tò 400,000 sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kíláòdù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ jígábáìtì 2,000. Ìpamọ́ tó pọ́ọ́kú jù lọ la yàn, èyí tó wà fún ohun tí a kì í sábà wò. Dọ́là 2 péré là ń san lóṣù, mo sì rò pé mo jẹ èrè.

Ìgbà tí a fẹ́ kó wọn kúrò ni ojú mi là. Owó mẹ́ta ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni owó ìjáde: jígábáìtì 100 jẹ́ ọ̀fẹ́ lóṣù, sẹ́ǹtì 9 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù. Ti 1,900 jẹ́ dọ́là 171. Ìkejì ni owó yíyọ ẹrù láti inú ìpamọ́, ìkẹta sì ni owó ìbéèrè, tí wọ́n ń kà lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó kéré mọ. Bí a bá fẹ́ ẹ láàárín wákàtí 12, dọ́là 40 ni ìkejì, 40 náà ni ìkẹta. Bí a bá lè dúró fún wákàtí 48, ìkejì di 5, ìkẹta di 10. A dúró. Síbẹ̀, dọ́là 186 la san, ó ju owó ìpamọ́ ọdún 7 lọ!

Ká ní a ti di fọ́tò 1,000 pọ̀ sínú fáìlì kan kí a tó kó wọn wọlé ni, ìdì 400 péré là bá béèrè, owó ìbéèrè ì bá sì jẹ́ sẹ́ǹtì 1. Àmọ́ o, owó ìjáde kò ní dín, torí bí ẹrù ṣe tó ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá sì di ẹrù báyìí gbọ́dọ̀ kọ ohun tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí bó bá wá fọ́tò kan ṣoṣo, odindi ìdì ni yóò gbé jáde.

Ẹni tó bá gba kọ̀nténà rí ní wáàfù Àpápá mọ̀ pé ejẹ́ǹtì á ti ka owó ìjáde fún un kí ẹrù tó dé. Kí ló dé tí àwọn oníkíláòdù ń fi owó ìpamọ́ hàn wá gàdàgbà, tí owó ìjáde sì wà ní kọ̀rọ̀? Lọ́dún 2024, Google, Amazon àti Microsoft kéde pé àwọn yóò yọ̀ǹda owó ìjáde fún oníbàárà tó bá ń kó lọ pátápátá, bó bá kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì ní kí owó ìkúrò dópin láti ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2027. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe owó tí kò ṣeé yọ̀ǹda. Kí ìjọba tiwa náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ayàwòrán tó ti fẹ̀yìn tì,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.