Ìlà Inú Ráìsì Kúkà Kò Mọ Ife Wa

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní yàrá wa ní Adó-Èkìtì, a wọn ife tíì méjì ìrẹsì Ìgbẹ́mọ sínú ráìsì kúkà, a bu omi dé ibi tí wọ́n kọ 2 sí, a sì tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ rárá tí bọ́tìnnì fi ta sókè. Ìrẹsì tó wà lókè ṣì le, ti ìsàlẹ̀ sì ti gan mọ́ ìkòkò. Ẹnìkan nínú wa ní ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ni kò dára, pé òun á padà sí ìrẹsì funfun inú àpò. Ẹlòmíràn ní kúkà ló ti bàjẹ́. Èrò tiwa lónìí ni pé ìrẹsì kò jẹ̀bi, kúkà náà kò sì jẹ̀bi. Àwa tí a wọn ọ́n la jẹ̀bi.

Ìlà 2 kò sọ pé kí a fi ife tó bá wù wá wọn ìrẹsì. Ife kékeré tó wà nínú páálí kúkà ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun la ó fi wọn ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì, a ó fọ̀ ọ́, a ó dà á sínú ìkòkò, lẹ́yìn náà la ó bu omi lé e títí yóò fi kan ìlà. Ife yẹn sábà máa ń gba 180 mílílítà, nítorí pé ìwọ̀n ìrẹsì ilẹ̀ Japáànù ni, níbi tí iléeṣẹ́ Tòṣíbà ti gbé kúkà oníná jáde ní 1955. Ife tíì tiwa gba nǹkan bí 300. Méjì rẹ̀ ju ife kúkà mẹ́ta lọ. A fi omi ife méjì se ìrẹsì tó ju ife mẹ́ta lọ, a wá ń bínú.

Kúkà náà kò sì lè kìlọ̀ fún wa, torí kò mọ ìgbà tí ìrẹsì jinná. Ohun tó mọ̀ ni ìgbà tí omi tán. Bí omi bá ṣì wà nínú ìkòkò, ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi híhó lọ. Bí omi bá tán, ooru á gòkè, ohun tó di bọ́tìnnì mú nísàlẹ̀ á sì tú u sílẹ̀. Bí omi bá kéré, yóò ta sókè kí ìrẹsì tó jinná.

Ọ̀rọ̀ kejì ni awọ ara ìrẹsì. Èyí tí a rà kì í ṣe funfun báláú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pọ́n ṣì wà lára rẹ̀, bíi ti Ọ̀fadà, awọ yìí kì í sì í jẹ́ kí omi tètè wọ inú ẹyọ. Ìlà tí wọ́n ṣe fún ìrẹsì funfun kò lè tó o. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ṣa òkúta kúrò, a fi ife kúkà wọn méjì, a rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, a sẹ́ omi náà, a wá bu ife omi mẹ́rin sí i. Omi náà kọjá ìlà 2, a kò wò ó. Nígbà tí bọ́tìnnì ta sókè, a kò ṣí ọmọrí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó jinná dénú. Fún ìrẹsì funfun ọlọ́yọ̀ gígùn, ife omi kan àbọ̀ sí ife ìrẹsì kan ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí àárín ẹyọ bá ṣì le, ẹ wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì. Bó bá rọ̀ jù, ẹ dín omi kù lọ́jọ́ mìíràn.

Ibi tí a kò ti gbà fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ni ti iná ìmúgbóná. Wọ́n á se ìrẹsì láàárọ̀, wọ́n á fi í síbẹ̀, wọ́n á gba kíláàsì lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí iná bá wà, ìrẹsì á gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ, kòkòrò kò sì ní lè bí sí i. Ṣùgbọ́n Adó ni a wà. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́wàá tí wọ́n sì dá a padà ní aago mẹ́ta, ìrẹsì ti wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí híhó kì í pa tán. Májèlé tó bá ti tu síbẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú un kúrò. Ẹ̀yin tó bá dé á rí iná ìmúgbóná tó ń tàn, ẹ ó rò pé kò ṣẹ́ lọ rárá.

Nítorí náà, ìwọ̀nba tí a ó jẹ tán la máa ń sè báyìí. Ife kúkà náà sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi mu tíì, òun ni yóò fọ ìkòkò.