Owó Ilé Tó Kọjá Ọjọ́: Bí Onílé Ṣe Lè Béèrè Láìba Àárín Jẹ́

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Onílé tí owó ilé rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ ní láti rántí òwe yìí kí ó tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Gbèsè ṣeé san. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí kò ṣeé kó padà.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bàbá onílé kan ní Múṣin fi ilé oníyàrá méjì háyà fún ìyá ìbejì kan tó ń ta aṣọ, ₦600,000 lọ́dún. Ọdún rẹ̀ pé ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta. Nígbà tó fi di ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, onílé kò tíì rí kọ́bọ̀. Ohun tí inú bíbí ń sọ fún un ni pé kí ó kọ ọ́ sórí Wásáàpù gbogbo ilé pé: "Ẹni tó mọ̀ pé òun kò tíì sanwó, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mú owó wá. Ó dójú ti obìnrin náà lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye owó tàbí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san án. Èyí tó burú jù ni pé ìhàlẹ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, kúìtì nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé olọ́dọọdún bí àdéhùn mìíràn kò bá sí nílẹ̀. Òfin kan náà ka fífi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe halẹ̀ mọ́ ayálégbé láti lé e jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. Onílé tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹlẹ́jọ́.

Ohun tó yẹ kó kọ kò gùn, obìnrin náà nìkan ló sì yẹ kó rí i:

"Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Owó ilé yín parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta. Owó ọdún tuntun, ₦600,000, kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí di òní. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè yẹ báńkì wò. Bí kò bá sì tíì rọrùn, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò rọrùn àti iye tí ẹ lè kọ́kọ́ san. Mò ń retí èsì yín títí di ọjọ́ 25, oṣù yìí."

"Bí ẹ bá ti san án" kì í ṣe àsọdùn ọ̀rọ̀. Owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì lè há sọ́nà, gbólóhùn náà sì gbà á láàyè láti dáhùn láìsí ìtìjú. Ìbéèrè nípa ọjọ́ tún ṣe pàtàkì, nítorí ọjọ́ tí onígbèsè fẹnu ara rẹ̀ dá nira fún un láti sẹ́. Onílé kò gbọdọ̀ ki ọ̀rọ̀ owó iná tàbí ariwo ọmọ bọ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀sùn bá di méjì, èyí tó rọrùn láti jiyàn sí ni ayálégbé yóò dáhùn.

Ká ní obìnrin náà wá dáhùn pé òun yóò san ₦400,000 ní ìparí oṣù Kẹrin, kí òun san ìyókù ní ìparí oṣù Karùn-ún. Kí onílé kọ àdéhùn náà padà sí i, kí ó sì já rìsíìtì fún un lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Bí rìsíìtì bá kàn sọ pé "owó ilé", ẹnì kan lè sọ lọ́la pé owó oṣù mẹ́jọ ni. Kí ó hàn níbẹ̀ pé ₦400,000 jẹ́ apá kan ₦600,000 fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, àti pé ó ku ₦200,000.

Bí oṣù Karùn-ún bá kọjá láìsí owó, láìsí ọ̀rọ̀, kí onílé lọ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí ìyẹn náà bá já sí asán, kúìtì nọ́tíìsì wà, ilé ẹjọ́ sì wà. Ìwé ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ìhàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìránnilétí.