Kí Ló Wà Nínú Ìgò Àgbo Jẹ̀dí Yẹn?

Ẹni tó bá ti fi gaàrí àti ṣúgà gbé ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé owó ti tán mọ ohun tí àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì máa sọ bí inú bá ń run ún: "Jẹ̀dí ni. Lọ bá ìyá alágbo." Èmi náà ti mu ún rí, ó sì ṣiṣẹ́. N kò wá bú àgbo o. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé a kì í béèrè ohun tó wà nínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé àsúnwọ̀n, tó wọ́pọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí. Èròjà tó ń mú inú yà nínú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan títí yóò fi dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú wa ti máa tú u palẹ̀, tí yóò wá máa ta ìfun jí. Ìfun á sáré, omi tó yẹ kó padà sínú ara á bá ìgbẹ́ lọ. Gbogbo èyí máa ń gba bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Wákàtí yẹn gan-an ló ń ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá, nítorí ẹni tó mu ife kan tí kò rí nǹkan kan lẹ́yìn wákàtí méjì á mu òmíràn.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe nìyẹn. Ó mu ife kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó mu ìkejì ní aago mọ́kànlá. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ewé náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ sí ilé ìgbẹ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án. Kò mu omi, ó ní kí ìdọ̀tí kọ́kọ́ jáde tán. Nígbà tí inú ń kán an, ó lo oògùn ìrora dikilofẹ́náàkì fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ kò ju ìkán díẹ̀ lọ, ó dúdú bíi sóbò, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ kò sẹ́ ìdọ̀tí mọ́ bó ṣe yẹ. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dé kíndìnrín ló dínkù nígbà tí omi ara gbẹ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kíndìnrín máa ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sí i kó má bàa kú. Oògùn ìrora yẹn kì í jẹ́ kó rí i ṣe. Wọ́n fa omi sí i lára, Ọlọ́run sì ṣe é, ìtọ̀ padà. Àmọ́ dókítà béèrè ohun tó wà nínú àgbo náà. A padà lọ bá ìyá alágbo. Ó ní, "Ewé mẹ́sàn-án ni, ọmọ mi. Àṣírí ni ìyókù."

Àṣírí yẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju ewé lọ. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì: àsúnwọ̀n ìbílẹ̀ wà, àsúnwọ̀n òyìnbó wà. Àwọn méjèèjì yẹn jọra níṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ìlú Brọ́sẹ́ẹ̀lì ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lo oògùn tí wọ́n po ewé àti egbò ilẹ̀ Ṣáínà mọ́. Egbò kan wà tó yẹ kó wà níbẹ̀. Òmíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ tirẹ̀ ní èdè Ṣáínà ni wọ́n fi sí i. Kíndìnrín obìnrin tó lé ní 100 ló bàjẹ́. Àwọn kan nínú wọn tún ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n ní ibi.

Ti ẹ̀dọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ohun tó bá ti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń fọ́ ògógóró. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú á pọ́n bí àtàlẹ̀, ìtọ̀ á ṣókùnkùn, ara á máa yún ènìyàn. Kí ni a máa ń sọ nílé? "Ibà pọ́njú ni." Kí ni a sì máa ń fún ẹni náà? Àgbo mìíràn.

Bí ẹ bá máa mu ún, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi omi sè, ẹ má ṣe fi oògùn ìrora lé e, ẹ sì máa mu omi bí inú bá ti ń yà. Bí ìtọ̀ bá dínkù tàbí ojú bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń kí ìyá alágbo yẹn bó bá ń kọjá. Ìyá náà ṣì ń sọ fún un pé oògùn òyìnbó ló fẹ́ pa á, kì í ṣe tòun.