Ìwé Ìbí Lọ́ńdọ̀nù Kò Sọ Ọmọ Di Ọmọ Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Bí ẹnì kan lára àwọn tó ti kàwé jáde bá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Líìsì, kíá làwọn ará ilé á ti máa kí i pé ọmọ òyìnbó ti dé. Ọmọ òyìnbó kọ́ o. Bí bàbá àti ìyá bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n bí.

Àwọn àgbà kò parọ́ ṣá. Nígbà tí àwọn bàbá wa àgbà ń kàwé lọ́hùn-ún, ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1983 ló yí i padà: ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì, tàbí kó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke.

Ẹ wo tọkọtaya kan tó ń kàwé ní Líìsì. Wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 42 tí òfin fún wọn tó pé, wọ́n sì gba ìwé ìbí kékeré tí kò ní orúkọ òbí nínú. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń retí ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì. Ìyá bàbá ọmọ kú nílé. Ìgbà yẹn ni wọ́n sáré lọ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ìwé kékeré náà kò sì fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ló bí i. Ó di kí wọ́n tún sanwó ìwé ìbí tó kún, kí wọ́n wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ọmọ. Wọ́n ti sin màmá tán kí ìwé tó jáde.

Àwọn kan ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé á dínà Bìrìtéènì mọ́ ọmọ. Irọ́ ni. Abala 25 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ti sọ ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi di ọmọ Nàìjíríà bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ìwé ìrìnnà kàn ń fi í hàn ni. Bí òbí bá gba àṣẹ ìgbé tí kò ní gbèdéke kí ọmọ tó pé ọdún 18, wọ́n lè sanwó forúkọ ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Bìrìtéènì.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ọmọ gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, láìkúrò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ló ń dùn wá jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá àgbà n'Íbàdàn fún ọdún kan gbáko kẹ́ ẹ lè rójú kàwé, ṣé ẹnikẹ́ni sọ èyí fún yín? Bí ọmọ náà bá sì ń padà bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní físà tirẹ̀ lọ́wọ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.