Ẹ Béèrè Aago Kí Ẹ Tó Fún Wọn Ní Oògùn Oorun

Láàárọ̀ kùtù, àwọn tó ṣiṣẹ́ òru máa ń yà sí ilé oògùn tí mo ti ń kọ́ṣẹ́: ọlọ́dẹ, awakọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Oògùn tí yóò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn lọ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Èrò tèmi ni pé aago ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀. Ó ní kí n fún òun ní Fáliọ̀mù. Ó ti ń lo mílígíráàmù 5 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí ìwé dókítà, àmọ́ kò ràn án mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi ń lé oorun lóru?"

"Agolo ẹnájì méjì ni, láago mẹ́rin ìdájí. Ìgbà yẹn lojú mi máa ń wúwo jù."

A jọ ṣírò rẹ̀. Agolo ẹnájì kan tó gba mílílítà 250 sábà máa ń ní kaféènì mílígíráàmù 80, nítorí náà méjì jẹ́ 160. Ó máa ń gba ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kó tó lè mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá dùbúlẹ̀ láago mẹ́sàn-án, 80 ṣì kù lára rẹ̀. Bí ẹni tó mu odidi agolo kan kó tó gun ibùsùn ni. Ẹni tó ń jẹ obì ń ṣe ohun kan náà, torí kaféènì wà nínú obì. Ara aláboyún kì í sì tètè mú un kúrò rárá.

Fáliọ̀mù tó wá ń fi bá kaféènì jà kì í tètè kúrò lára. Ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, ohun tí ẹ̀dọ̀ sì ń sọ ọ́ dà, tí òun náà ń mú ni tòògbé, tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó lò láàárọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó bá padà síbi iṣẹ́ lálẹ́. Tòní ń gun orí tàná. Ìdí nìyẹn tó fi ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun. Ó sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ náà fa ọwọ́ òun wọlé. Ó wá ń fi ẹnájì púpọ̀ sí i lé oorun tí oògùn fà.

Àwọn kan máa ń sọ pé Piritọ́ọ̀nù kò le tó bẹ́ẹ̀. Òun náà máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, ó sì lè bá èèyàn dé ibi iṣẹ́ alẹ́.

N kò ta oògùn náà fún ẹ̀gbọ́n, n kò sì ní kó dá a dúró lójijì. Ẹni tó ti ń lo irú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá já a lójijì, ó lè máà rí oorun sùn rárá, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Dókítà ni mo ní kó lọ rí, òun ló sì ń bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tí èmi lè bá a tún ṣe ni aago. Ó ń mu agolo kan ṣoṣo báyìí, kì í sì kọjá aago mọ́kànlá alẹ́. Ó ń sùn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, torí bí ọ̀sán bá ṣe ń pọ́n ni ara ń jí sí i. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó sì ń sùn fún wákàtí kan sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ní òun ń sùn di aago kan ọ̀sán. Kò tíì tó oorun òru, àmọ́ ojú rẹ̀ dá nídìí ẹ̀rọ.

N kò sọ pé oògùn oorun kò ní àyè tirẹ̀. Bí dókítà bá kọ èyí tí kì í pẹ́ lára, bíi sọ́lipídẹẹ̀mù, fún ọjọ́ díẹ̀, ó lè ranni lọ́wọ́. Àmọ́ ilé ni kí èèyàn ti lò ó, lórí ibùsùn, kì í ṣe lórí ọ̀kadà, kó sì ní wákàtí méje sí mẹ́jọ nílẹ̀ láti sùn. Ní ọdún 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dín ti àwọn obìnrin kù láti mílígíráàmù 10 sí 5, torí ó ṣì ń kù lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá jí. Kò gbọdọ̀ pàdé ọtí, tíramádọ́ọ̀lù tàbí kodíìnì, nítorí wọ́n lè jọ dá èémí dúró. Ẹni tó máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì máa ń já lójú oorun, kí ó sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin àgbà ẹ̀ka wa tẹ́ ẹ ti ní ilé oògùn tiyín, ìbéèrè mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró nídìí káńtà: Aago mélòó lẹ mu ẹnájì, kọfí tàbí jẹ obì kẹ́yìn? Aago mélòó lẹ fẹ́ sùn? Aago mélòó lẹ máa padà síbi iṣẹ́? Bí a bá rí ìdáhùn yìí gbà, a óò mọ ẹni tí kò nílò oògùn rárá àti ẹni tó yẹ kí á darí sọ́dọ̀ dókítà.