Àtẹ Ìfiwéra fún Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́: Ohun tí ‘Oṣù Kan’ Ń Bò Mọ́lẹ̀

Bí a bá kó ìwé ìgbanisíṣẹ́ àwọn ilé-ìwé aládàáni, ilé búrẹ́dì àti sọ́ọ̀mìlì Ìkirè àti Àpòmù jọ sínú àtẹ kan ṣoṣo, òpó mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ fà: àkókò ìfitónilétí, ìgbà ìdánwò àti ọ̀nà ìfòpinsí àdéhùn. Àwọn kan ń pe ti àkọ́kọ́ ní ‘ìkìlọ̀’. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ṣẹ̀ ni à ń kìlọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Ta ní ń kìlọ̀ fún ọ̀gá?

Ká sọ pé ìwé kan wí pé ‘oṣù kan’, èkejì ‘ọjọ́ 30’, ẹ̀kẹta ‘ọ̀sẹ̀ 4’. Akọ̀wé tó fẹ́ kí àtẹ rẹ̀ gún yóò kọ ‘oṣù kan’ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fún òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, tí a kò ka ọjọ́ náà mọ́ ọn, ti ọ̀sẹ̀ 4 yóò parí ní ọjọ́ 29, ti ọjọ́ 30 ní ọjọ́ 31, ti oṣù kan ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an ni kó wà nínú òpó. Kí ìṣirò ọjọ́ ní òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níbi tí ìwé bá dákẹ́, kí a má kọ òdo, kí a má sì fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí òfìfo lè jẹ́ pé akọ̀wé kò tíì wò ó. ‘Kò sọ’ ni kí a kọ. Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974 ti sọ tirẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan títí di ìgbà tí yóò pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 kí ó tó pé ọdún 5, lẹ́yìn èyí, oṣù kan. Òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Ó bo ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò bo àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀. Fún irú wọn, ilé-ẹjọ́ ni yóò wo àkókò tó bójú mu. Òpó òfin kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ òpó ìwé.

Ìgbà ìdánwò ló ṣòro jù. ‘Oṣù 6’ nìkan kò tó. Ṣé ó ń parí fúnra rẹ̀ ni, àbí títí ìwé ìfìdímúlẹ̀ yóò fi dé? Ìwé kan náà sì lè fúnni ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìdánwò, kí ó fúnni ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ tó ti lo oṣù 9 láìrí ìwé ìfìdímúlẹ̀ kò ní rí ìdáhùn nínú àtẹ tó fi ohun méjèèjì sínú àpótí kan.